Ẹni tó ti gbẹ torí àìjẹun: báwo la ṣe ń dá oúnjẹ padà fún un tí kò fi ní kú lọ́wọ́ ẹni? (Ìbéèrè àti ìdáhùn)

Dáyẹtíṣàn ni mí, èmi ni mo máa ń ṣètò oúnjẹ àwọn tó ń gba túùbù jẹun ní wọ́ọ̀dù. Ìbéèrè kan náà lẹ ń fi ránṣẹ́ sí mi lóríṣiríṣi, àwọn nọ́ọ̀sì ń bi mí, àwọn dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde náà ń bi mí, àwọn ọmọ aláìsàn gan-an ò gbẹ́yìn, ni mo bá kó gbogbo ẹ̀ síbí. Àgbàlagbà tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni mò ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ o. Ẹ má gbìyànjú ẹ̀ nílé, torí láìsí láàbù kò sí bá a ṣe fẹ́ mọ̀ pé nǹkan ti ń bàjẹ́.

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ebi ló ń pa á, oúnjẹ la sì fún un, báwo ni oúnjẹ ṣe wá di wàhálà?

Tí èèyàn ò bá jẹun fún ọjọ́ púpọ̀, ara máa ń yí iṣẹ́ padà ni. Kò rí ṣúgà lò mọ́, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó ọ̀rá àti iṣan ara ẹ̀. Àwọn nǹkan bíi fọ́sífétì, potásíọ̀mù àti magnẹ́síọ̀mù tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì á máa jáde díẹ̀díẹ̀, kídìnrín á máa tọ̀ wọ́n dànù. Ohun tó ń tan wá jẹ níbẹ̀ ni pé ìwọ̀nba tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ kì í tètè lọ sílẹ̀, nítorí náà àyẹ̀wò á sọ pé kò sí nǹkan nígbà tó jẹ́ pé inú àwọn sẹ́ẹ̀lì ti ṣófo.

Ẹ wá gbé ẹ̀kọ olóṣúgà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ínsúlíìnì á tú jáde lójijì, á ti ṣúgà wọnú sẹ́ẹ̀lì, kò sì sí bí ṣúgà ṣe máa wọlé kó má fa fọ́sífétì, potásíọ̀mù àti magnẹ́síọ̀mù tẹ̀ lé ara ẹ̀. Ìwọ̀nba tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ náà ni wọ́n á gbé lọ. Fọ́sífétì lara fi ń ṣe agbára tí ọkàn fi ń lù tí iṣan mímí fi ń ṣiṣẹ́, tó bá ti tán nínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á rẹ̀, èémí á kúrú. Potásíọ̀mù àti magnẹ́síọ̀mù tó lọ sílẹ̀ ló ń mú kí ọkàn máa lù ṣégeṣège. Ínsúlíìnì yìí kan náà ló tún máa ń sọ fún kídìnrín pé kó dá iyọ̀ àti omi dúró, lẹsẹ̀ á bá wú. Gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ ni wọ́n ń pè ní ríìfídìn síńdírómù, ó sì sábà máa ń yọjú láàárín ọjọ́ 5 àkọ́kọ́ tí oúnjẹ bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Nígbà táwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì wọ àgọ́ ìfìyàjẹni Bẹ́gẹ́nì-Bẹ́lísẹ́nì ní Jámánì ní oṣù kẹrin 1945, oúnjẹ sójà ni wọ́n kọ́kọ́ pín fáwọn tí ebi ti lù mọ́lẹ̀ níbẹ̀, àánú ló sì ṣe wọ́n, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jẹ ẹ́ ni ara wọn ò gbà á.

Báwo la ṣe ń mọ ẹni tó wà nínú ewu?

Òṣùwọ̀n tí mo máa ń lò ni ti NICE, àwọn tó ń kọ ìlànà ìtọ́jú ní Ìlú Ọba, wọ́n gbé e jáde ní 2006. Nǹkan mẹ́rin ni mo kọ́kọ́ máa ń wò: ṣé BMI ẹ̀, ìyẹn kílò ẹ̀ tá a fi gíga ẹ̀ ní mítà pín lẹ́ẹ̀mejì, ò tó 16, ṣé ó ti sọ ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara ẹ̀ nù láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà láìjẹ́ pé ó fẹ́ rù, ṣé ó ti lé ní ọjọ́ 10 tí kò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ nǹkan kan, ṣé ọ̀kan nínú fọ́sífétì, potásíọ̀mù tàbí magnẹ́síọ̀mù ti lọ sílẹ̀ kí oúnjẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan péré tó.

Tí kò bá sí èyíkéyìí, mi ò tíì ní fọkàn balẹ̀. Ẹ tún wò ó bóyá méjì wà nínú àwọn tó kéré díẹ̀ jù yẹn lọ, ìyẹn BMI tí kò tó 18.5, ìdá 10 tó ti sọ nù, ọjọ́ 5 láìjẹun, àbí ó jẹ́ onímukúmu, àbí ó ń lo ínsúlíìnì, oògùn kánsà, oògùn tó ń mú inú tutù tàbí èyí tó ń mú èèyàn tọ̀. Oògùn inú tutù yẹn lẹ máa ń gbàgbé bi wọ́n, bẹ́ẹ̀ irú èyí tó ní alumíníọ̀mù nínú máa ń di fọ́sífétì mú sínú ìfun ni.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan tá a máa bá lọ títí dé òpin, a ó pè é ní Ìyá Ọlọ́ṣẹ. Mo hun ún pọ̀ látinú irú àwọn tá a máa ń rí ni, kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Ẹni ọdún 42, ó ń se ọṣẹ, ẹnì kan rọ omi kọ́sítíìkì sódà sínú ike omi, ó ṣèèṣì mu ún. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn ẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ ti há débi pé omi gan-an ò fẹ́ kọjá. Kílò 54 ni tẹ́lẹ̀, kílò 38 ló kù, gíga ẹ̀ jẹ́ mítà 1.62. Tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀, BMI ẹ̀ jẹ́ 14.5, ó ti pàdánù nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ọjọ́ 12 sì rèé tí kò ti mu ju omi àti mínírà tó ń kán díẹ̀díẹ̀ lọ. Wọ́n ti la túùbù sí ikùn ẹ̀, wọ́n wá ní kí n ṣètò oúnjẹ. Mẹ́ta nínú mẹ́rin ló ti pé, a ò tíì gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ rárá o.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ̀n wọ́n lórí òṣùwọ̀n gidi. Tí kò bá lè dìde, kí ọmọ ẹ̀ gbé e, kẹ́ ẹ wọn àwọn méjèèjì pa pọ̀, kẹ́ ẹ wá yọ ti ọmọ kúrò. "Ó máa tó kílò 50" tẹ́ ẹ máa ń fojú díwọ̀n yẹn ló ń ba gbogbo ìṣirò jẹ́.

Èsì láàbù dé, fọ́sífétì ẹ̀ wà dáadáa. Ṣé a lè fún un lóúnjẹ bó ṣe yẹ báyìí?

Rárá o. Ti Ìyá Ọlọ́ṣẹ jáde báyìí: fọ́sífétì 0.82 mílímóòlù nínú lítà kan, potásíọ̀mù 3.1, magnẹ́síọ̀mù 0.60. Potásíọ̀mù àti magnẹ́síọ̀mù ti wà nísàlẹ̀, fọ́sífétì dúró sí ẹnu ààlà, torí láti bíi 0.8 sókè ni wọ́n ń pè ní dáadáa. Èsì ọjọ́ kìíní kò sọ bóyá ó máa ṣẹlẹ̀ tàbí kò ní ṣẹlẹ̀. Ohun tá a fi ń ṣe ni pé ká rí ibi tá a ti bẹ̀rẹ̀, torí bó ṣe ń já wálẹ̀ láti ibẹ̀ la máa fi dá ìṣòro mọ̀.

A ò tíì fún un ní oúnjẹ kankan, dírípù nìkan ló wà lára ẹ̀. Dírípù kì í ṣe oúnjẹ, àbí?

Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró sí dáadáa, torí ibí ló ti ń bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn.

Dẹ́sítírọ́ọ̀sì 5% tẹ́ ẹ ń gbé kọ́ yẹn, gírámù 50 ṣúgà ló wà nínú lítà kan, ìyẹn nǹkan bí kálórì 170. Tẹ́ ẹ bá fún un ní lítà mẹ́ta lójúmọ́, bó ṣe wọ́pọ̀ fún ẹni tí kò lè gbé nǹkan mì, kálórì 510 nìyẹn. Pín in sí kílò 38, ó lé ní 13 fún kílò kan. Ẹ sì máa rí i nísàlẹ̀ pé 10 fún kílò kan la fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni pé dírípù nìkan ti kọjá oúnjẹ ọjọ́ kìíní, ṣúgà pọ́ńbélé sì ni, kò ní fọ́sífétì, kò ní potásíọ̀mù, kò ní magnẹ́síọ̀mù, kò ní fítámì. Ó sì máa ń pe ínsúlíìnì jáde gan-an.

Mo ti rí i nígbà tí mo ṣì kéré nídìí iṣẹ́ yìí, ibi tí mo wà nígbà yẹn kò ṣe é dárúkọ. Bàbá kan ò jẹun fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ń fún un ní dẹ́sítírọ́ọ̀sì lọ́sàn-án lóru, a jókòó à ń jiyàn pé ìgbà wo ni ká bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ, ká má tètè bẹ̀rẹ̀ o, ká má lọ dá nǹkan sílẹ̀. Ọjọ́ kẹta, bàbá ò lè gbé orí sókè, ojú ẹ̀ ń yí gbirigbiri, èsì fọ́sífétì jáde, 0.31. A ò tíì fún un ní síbí oúnjẹ kan, bẹ́ẹ̀ a ti ń bọ́ ọ láti ọjọ́ mẹ́ta.

Látìgbà yẹn, ìbéèrè àkọ́kọ́ mi ni pé dírípù wo ló ti gbà, lítà mélòó, láti ìgbà wo, títí kan ti ibi tí wọ́n ti gbé e wá. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ti gba dẹ́sítírọ́ọ̀sì ọjọ́ méjì níbòmíì kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí náà aago ẹ̀ ti ń ká láti ìjẹta. A yọ ọ́. Àmọ́ ẹ má kàn já a lójijì láìwo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ẹni tó gbẹ báyìí kò ní ṣúgà tó fi pa mọ́ sínú ẹ̀dọ̀, ó lè ṣubú lulẹ̀. Ẹ gún ìka wò, kẹ́ ẹ máa wò ó ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà, tó bá lọ sílẹ̀, ẹ tún un ṣe ní kíá, kẹ́ ẹ sì ka ṣúgà tẹ́ ẹ fún un mọ́ ìṣirò ọjọ́ náà.

Èwo lẹ máa kọ́kọ́ ṣe: ẹ máa dúró kí potásíọ̀mù gòkè kẹ́ ẹ tó bọ́ ọ, àbí ẹ máa bọ́ ọ lọ?

Wọ́n jọ ń lọ ni. NICE náà sọ pé kò pọn dandan kẹ́ ẹ dúró kí gbogbo ẹ̀ gún régé kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí inú sẹ́ẹ̀lì ni àìtó yẹn wà, kò sì lè wọ ibẹ̀ dáadáa láìsí oúnjẹ díẹ̀. Ṣùgbọ́n tí nọ́ńbà bá burú gan-an, bíi potásíọ̀mù tí kò tó 2.5, àbí tí ọkàn ti ń lù ṣégeṣège, ẹ kọ́kọ́ gbé ìyẹn sókè fún wákàtí mélòó kan ná.

Ohun kan ṣoṣo tó gbọ́dọ̀ ṣáájú oúnjẹ ni táyámíìnì, ìyẹn fítámì B1. Òun lara fi ń sun ṣúgà, ìwọ̀nba tó kù lára ẹni tí ebi ti pa kò sì tó nǹkan. Tí ṣúgà bá dé tí táyámíìnì ò sí, ọpọlọ ló máa ń kọ́kọ́ jẹ ẹ́: ojú á máa yí, ìrìn á máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́, orí á dàrú, ó sì lè má padà bọ̀ sípò mọ́. Mílígírámù 200 sí 300 lójúmọ́ ni, ẹ fún un kí oúnjẹ tó wọlé, kẹ́ ẹ máa fún un lọ fún ọjọ́ 10. Ẹ ṣọ́ra fún B kọ́ńpúlẹ́ẹ̀sì o, ẹ yí ìgò ẹ̀ padà kẹ́ ẹ ka iye táyámíìnì tó wà nínú ẹ̀, òmíì wà tí hóró kan ò ní ju mílígírámù márùn-ún lọ, mélòó lẹ fẹ́ fún un kó tó pé 300?

Kálórì mélòó lẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí sì lẹ fi ṣe é?

Kálórì 10 fún kílò kan lójúmọ́, ti kílò tó wọ̀n lónìí, kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀. Fún Ìyá Ọlọ́ṣẹ, 380. Ká ní BMI ẹ̀ ò tó 14 ni, tàbí kó ti lé ní ọjọ́ 15 tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ nǹkan kan, 5 fún kílò kan ni à bá fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń wo ìlù ọkàn lára ẹ̀ tọ̀sán-tòru.

Ẹbí ẹ̀ ti gbé ògì dé pẹ̀lú ṣúgà oníhóró. Mo mọ̀ pé ògì la fi ń ṣìkẹ́ aláìsàn nílẹ̀ wa, òun ló sì rọrùn láti fi sírínjì tì wọnú túùbù, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ àti ṣúgà jẹ́ ìkejì dẹ́sítírọ́ọ̀sì ni. Sítáàṣì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹ̀, wọ́n sì ti sẹ́ èèrí ẹ̀ dànù, bẹ́ẹ̀ ara èèrí yẹn ni púpọ̀ nínú fọ́sífétì àgbàdo wà. Ẹ jẹ́ kó dúró ná, á wúlò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Mílíìkì ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mílíìkì oníyẹ̀fun tó lọ́ràá. Gírámù 75 ẹ̀ máa fún wa ní nǹkan bí kálórì 375, fọ́sífétì tó sún mọ́ mílímóòlù 19, potásíọ̀mù bíi 25, ṣúgà inú ẹ̀ ò sì ju gírámù 28 lọ torí ọ̀rá ló gbé púpọ̀ nínú kálórì ẹ̀. Ẹ ò rí i pé oúnjẹ àti oògùn ti wà nínú ife kan náà. A pò ó sínú omi tó fi di mílílítà 600, a pín in sí mẹ́jọ, mílílítà 75 ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta, òru náà wà níbẹ̀ o. Àwọn kan máa ní mílíìkì máa ń da inú àgbà rú, òótọ́ ni, àmọ́ mílílítà 75 lẹ́ẹ̀kan sábà máa ń lọ wẹ́rẹ́. Tí inú ẹ̀ bá ń ṣí, ẹ dín in, kẹ́ ẹ wá nǹkan míì rọ́pò apá kan ẹ̀, torí ìgbẹ́ gbuuru ń kó potásíọ̀mù àti magnẹ́síọ̀mù lọ.

Ẹ ka ara ṣáṣẹ́ẹ̀tì náà kẹ́ ẹ tó rà á. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà ní ọjà báyìí, òróró ewéko ni wọ́n pò mọ́ ọn, òmíì tiẹ̀ jẹ́ nǹkan funfun tí wọ́n ń dà sí tíì lásán, kò ní fọ́sífétì tí mò ń sọ yìí tó bó ṣe yẹ.

Potásíọ̀mù, magnẹ́síọ̀mù àti fọ́sífétì, eélòó ni ká fún un?

Ohun tí ara sábà máa ń fẹ́ lójúmọ́, fún kílò kọ̀ọ̀kan: potásíọ̀mù mílímóòlù 2 sí 4, fọ́sífétì 0.3 sí 0.6, magnẹ́síọ̀mù 0.2 tó bá gba iṣan ẹ̀jẹ̀ tàbí 0.4 tó bá gba ẹnu. Fún kílò 38, potásíọ̀mù 76 sí 152, fọ́sífétì 11 sí 23, magnẹ́síọ̀mù bíi 8 gba iṣan. Ẹni tí kídìnrín ẹ̀ ti kọṣẹ́ ò sí nínú ìṣirò yìí o, tirẹ̀ ní láti kéré gan-an, kẹ́ ẹ rí i pé ó ń tọ̀ kẹ́ ẹ tó fún un.

A fún Ìyá Ọlọ́ṣẹ ní potásíọ̀mù olómi gba túùbù, mílímóòlù 20 lẹ́ẹ̀mẹta. 60 nìyẹn, tẹ́ ẹ bá ro 25 ti mílíìkì mọ́ ọn, ó di 85. Hóró Slow-K ò ṣe é lò fún un, wọ́n ṣe é kó máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ìfun ni, tẹ́ ẹ bá gún un sínú túùbù ẹ ti bà á jẹ́, ó sì lè jó inú ẹ̀. Èyí tó bá gba iṣan, ẹ má ju mílímóòlù 10 lọ ní wákàtí kan láìsí ẹ̀rọ tó ń wo ọkàn, ẹ má sì fi sírínjì tì í sínú iṣan láé, ó ń dá ọkàn dúró.

Magnẹ́síọ̀mù ni wọ́n sábà máa ń fojú fò. Tó bá wà nísàlẹ̀, kídìnrín á máa tọ potásíọ̀mù dànù bẹ́ ẹ ṣe ń dà á sí i, ẹ á máa ṣe kàyéfì pé ẹ ti fún un fún ọjọ́ mẹ́ta tí nọ́ńbà ò kúrò lójú kan. Gírámù 2 magnẹ́síọ̀mù sọ́féètì, tí í ṣe mílímóòlù 8, ló gbà lọ́jọ́ kìíní.

Ẹ̀ẹ̀melòó la máa gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀? Owó láàbù pọ̀ mà.

Mo mọ̀. ASPEN, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ oúnjẹ aláìsàn ní Amẹ́ríkà, sọ ní 2020 pé kí ẹni tí ewu ẹ̀ pọ̀ máa ṣe é ní wákàtí 12 méjìlá fún ọjọ́ mẹ́ta. Tí owó ò bá ká a, mo máa ń bẹ ẹbí pé kí wọ́n fi ti ọjọ́ kìíní síwájú, lẹ́yìn náà lójoojúmọ́ títí di ọjọ́ karùn-ún, kí wọ́n sì fi owó àyẹ̀wò míì tí kò kánjú sílẹ̀ fún un. Fọ́sífétì gan-an kì í sí lára fọ́ọ̀mù tí wọ́n máa ń fi béèrè potásíọ̀mù, ẹ ní láti kọ ọ́ lọ́tọ̀.

Kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀jẹ̀ náà dáadáa. Tí ẹ̀jẹ̀ bá fọ́ nínú ìgò torí abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tàbí torí ó jókòó sínú ooru fún wákàtí mẹ́rin, potásíọ̀mù àti fọ́sífétì inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ á tú síta, èsì á wá máa fi yín lọ́kàn balẹ̀ lórí irọ́. Potásíọ̀mù tó fo láti 3.0 sí 5.1 lóru kan, ẹ tún un gbà.

Báwo ló ṣe lọ fún Ìyá Ọlọ́ṣẹ?

Ọjọ́ kìíní: táyámíìnì mílígírámù 300 wọlé, lẹ́yìn ẹ̀ ni mílíìkì. Omi tó wọ ara ẹ̀ lápapọ̀, tẹ́ ẹ bá ka èyí tá a fi ń ṣan túùbù, kò ju bíi lítà kan lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, fọ́sífétì 0.52, potásíọ̀mù 3.0, magnẹ́síọ̀mù 0.71. Ìlù ọkàn tó jẹ́ 88 lánàá ti di 116, ó ní apá òun wúwo. Fọ́sífétì já láti 0.82 sí 0.52, ó lé ní ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún, ASPEN á pe ìyẹn ní èyí tó le, torí tiwọn ni pé ohun tó bá já ju ìdá 30 lọ láàárín ọjọ́ 5 ti le. A kò gbé oúnjẹ sókè, a kò sì dá a dúró, 380 náà ni. Fọ́sífétì gba iṣan, mílímóòlù 20 láàárín wákàtí 12. Ẹ rántí pé àmpúù fọ́sífétì sábà máa ń ní potásíọ̀mù nínú, ẹ yọ iye yẹn kúrò nínú potásíọ̀mù ti ọjọ́ náà, ẹ má sì jẹ́ kó pàdé kálísíọ̀mù nínú túùbù kan náà, wọ́n á dì bí ẹfun.

Ọjọ́ kẹta, fọ́sífétì 0.64, potásíọ̀mù 3.5. Ó wọn kílò 39.3. Inú ọmọ ẹ̀ dùn, ó ní ìyá òun ti ń sanra. Mo ní kó jẹ́ ká ṣírò ẹ̀: kálórì 760 ló ti jẹ lọ́jọ́ méjì, èyí tí kò tó ara ẹ̀ fi mí gan-an, ibo ni kílò kan ààbọ̀ dín díẹ̀ ti máa jáde? Omi ni. A tẹ ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀, ìka rì wọlé. A yọ gbogbo dírípù oníyọ̀ kúrò, a dúró sójú kan.

Ọjọ́ kẹrin, fọ́sífétì 0.78, ìlù ọkàn 92, ìwọ̀n ò gòkè mọ́. Ìgbà yìí la gbé e dé 15 fún kílò kan, kálórì 570, a lo ọjọ́ méjì níbẹ̀. Ọjọ́ kẹfà 760, ọjọ́ kẹjọ 950, ọjọ́ kẹwàá 1140, ìyẹn 30 fún kílò kan. Láti ọjọ́ kẹfà lọ ni ògì wọlé, pẹ̀lú sóyà àti òróró díẹ̀. Kí n tó gbé e sókè nígbà kọ̀ọ̀kan, nǹkan mẹ́ta ni mò ń wò: fọ́sífétì kò já ju ti àná, ìlù ọkàn kò yára sí i, ìwọ̀n kò fò.

Nọ́ọ̀sì òru ni mí, èsì kì í dé lóru. Kí ni kí n máa wò?

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́kọ́ rí i. Ẹ ka èémí fún ìṣẹ́jú kan gbáko, ẹ ka ìlù ọkàn, ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, kẹ́ ẹ fi wé ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lánàá tó wá ń mí láàárín ọ̀rọ̀, ẹni tí kò lè gbé apá sókè mọ́, tí ara ẹ̀ ń gbọ̀n tàbí tó ń sọ̀rọ̀ tí kò bára mu, ẹ pe dókítà. Ẹ ní kó wá wo aláìsàn yẹn kí òun náà fi ẹ̀rọ wo ọkàn ẹ̀, kẹ́ ẹ sì fo oúnjẹ tó kàn yẹn títí tó fi máa dé, àmọ́ ẹ máa wo ṣúgà ẹ̀ lórí ìka. Ẹ má dúró de èsì àárọ̀.

Dókítà wa ní bíbẹ̀rẹ̀ kékeré báyìí kàn ń fi ebi pa aláìsàn ni. Ta ló tọ̀nà?

Àríyànjiyàn gidi ni, mi ò ní tàn yín. ASPEN gbà kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 10 sí 20 fún kílò kan, kẹ́ ẹ máa fi ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó yẹ kó jẹ gbé e sókè ní ọjọ́ kan sí méjì. Ní Amẹ́ríkà náà, ìwádìí kan tó jáde ní 2021 bẹ̀rẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó ń sá fún oúnjẹ torí kí wọ́n má sanra pẹ̀lú kálórì 2000 lọ́jọ́ kìíní, ara wọn sì tètè yá ju àwọn tó bẹ̀rẹ̀ láti 1400. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ ni wọ́n, láàbù wọn ń jáde lójoojúmọ́, fọ́sífétì sì wà nítòsí. Nínú yàrá àwọn tí àìsàn ẹ̀ le gan-an, ìwádìí míì tí wọ́n ṣe ní Ọsirélíà àti Niu Sílándì, tó jáde ní 2015, mú àwọn tí fọ́sífétì wọn ti já lẹ́yìn oúnjẹ, àwọn tí wọ́n dín oúnjẹ wọn kù fún ìgbà díẹ̀ ló wà láàyè jù lẹ́yìn ọjọ́ 60.

Tèmi ni pé bí èsì bá ṣe ń pẹ́ jáde sí lẹ́ ẹ ṣe máa rọra sí. Níbi tí mo ti lè rí fọ́sífétì láàárín wákàtí mẹ́ta, mo lè bẹ̀rẹ̀ láti 15. Níbi tí èsì ọjọ́ Ẹtì ti ń jáde ní ọjọ́ Ajé, 10 ni, mi ò sì ní gbé e sókè láàárín òpin ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró sórí 380 fún ọ̀sẹ̀ méjì torí pé kò sẹ́ni tó rántí gbé e sókè, ebi lẹ fi ń pa ìyẹn lóòótọ́, mo sì ti rí i ju bó ṣe yẹ lọ.

Ṣé a lè lò ó fún ọmọ kékeré tí kò jẹun kánú?

Ẹ má lò ó. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní ìlànà tiwọn, mílíìkì F-75 ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí kálórì 100 fún kílò kan lójúmọ́, ní wákàtí méjì sí mẹ́ta, kí wọ́n tó wá rọra yí i sí F-100. Ọmọdé ń jó agbára ju àgbà lọ fún kílò kọ̀ọ̀kan, 10 fún kílò á pa á.

Ẹni tó gba ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta ńkọ́?

Ẹni tó ń jẹun dáadáa kó tó gbààwẹ̀, tí kò rù, kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó ti rù tẹ́lẹ̀, tó wá gbà á fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí òkè, tó ń rẹ̀ ẹ́ tàbí tó ń dà á lójú, ẹ gbé e wá kẹ́ ẹ tó fún un ní mínírà àti iyán, kẹ́ ẹ sì sọ iye ọjọ́ gan-an fún wa, ẹ má ṣe tijú dín in kù.

Ìgbà wo ni ewu kúrò, ká lè gbé e lọ sílé?

Nígbà tó bá ti ń gba gbogbo oúnjẹ tó yẹ ẹ́ fún bí ọjọ́ mẹ́ta tí nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró láìjẹ́ pé à ń fi dírípù tì í. Ọjọ́ kẹrìnlá ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ lọ, lórí kálórì 1330, ó wọn kílò 38.6, ẹsẹ̀ wíwú ẹ̀ ti tán. Ìwọ̀n yẹn kéré sí ti ọjọ́ kẹta, ọmọ ẹ̀ sì fẹ́ bá mi jà lórí ẹ̀ títí mo fi ní kó tẹ ọrùn ẹsẹ̀ ìyá ẹ̀ wò. A kọ bí wọ́n á ṣe máa po oúnjẹ túùbù náà fún wọn pẹ̀lú síbí tí wọ́n ń lò nílé, a sì dá ọjọ́ tí wọ́n á padà wá gba ẹ̀jẹ̀, ọjọ́ méje sí i. Tí wọ́n bá dá túùbù dúró fún ọjọ́ mélòó kan nílé, bóyá torí ó dí tàbí torí owó mílíìkì tán, kí wọ́n pè wá kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀, torí tó bá ti pé ọjọ́ 5 láìjẹun lára ẹni tó rù báyìí, ìṣirò ọjọ́ kìíní la máa padà sí.